Ọjọ́ Ló Ń Tú Àṣírí Sífíì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàsán, ẹ káalẹ́, ìgbàkígbà tí ẹ bá ń wo fídíò yìí. Ọ̀rọ̀ sífíì la fẹ́ sọ lónìí, pàápàá èyí tí èèyàn fà gùn díẹ̀ kó lè bá ohun tí wọ́n kọ sínú ìpolówó iṣẹ́ mu. Mi ò sọ ti ẹni tó lọ ra ayédèrú ìwé ẹ̀rí o, ọ̀rọ̀ ìyẹn ti kúrò ní ti ilé iṣẹ́ nìkan, ó ti kan ọlọ́pàá. Èyí tí mo fẹ́ sọ ni èyí tó dà bíi pé kò tó nǹkan: oṣù díẹ̀ tí wọ́n fi kún un níbí, "máníjà" tí wọ́n kọ dípò "akọ̀wé" lọ́hùn-ún.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan ṣe àpẹẹrẹ, ká pè é ní Àdùkẹ́. Àdùkẹ́ rí ìpolówó iṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Akántáǹtì ni wọ́n ń wá, wọ́n ní kí ẹni náà ti ṣe iṣẹ́ ìṣirò owó fún ọdún 5, kó sì ti darí èèyàn rí. Ohun tí Àdùkẹ́ ní lọ́wọ́ rèé: ó sin ilẹ̀ baba rẹ̀ láti oṣù Kẹwàá 2018 sí oṣù Kẹsàn-án 2019. Lẹ́yìn náà, ó ń bá àǹtí rẹ̀ tajà. Oṣù Kejì 2021 ló ríṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan, ó di akọ̀wé ìṣirò owó níbẹ̀, ó sì kúrò ní ìparí oṣù Kẹta 2024. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọdún 3 àti oṣù 2 ni.

Ọdún 5 ni wọ́n sì ń béèrè. Kí ni Àdùkẹ́ ṣe? Ó kọ́kọ́ rò ó pé kóun ní òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà gbàrà tóun parí ìsìnlú. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹwàá 2019 sí oṣù Kẹta 2024, ọdún 4 àti ààbọ̀ lásán ni, kò tíì débẹ̀. Ó bá fà á sẹ́yìn sí i. Ó kọ "2019 sí 2024" sínú sífíì, kò kọ oṣù kankan. Ó pa "akọ̀wé" rẹ́, ó fi "máníjà ìṣirò owó" síbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn fún oṣù 6, tí Àdùkẹ́ máa ń fi bí wọ́n ṣe ń to ìwé hàn án. Ìyẹn náà di "mo darí ikọ̀ òṣìṣẹ́ márùn-ún".

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátá nínú rẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́, ó kọ́ èèyàn níṣẹ́ lóòótọ́. Ohun tó sì ń tan èèyàn jẹ nìyẹn, nítorí ẹni tó ń fẹ iṣẹ́ lójú kì í ka ara rẹ̀ sí òpùrọ́. Ó máa ń rò pé òun kàn ń polówó ara òun ni. Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n sì gbà á.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n á ní tí wọ́n bá ti gba èèyàn, ó parí. Ẹ gba ìwé tí wọ́n fún Àdùkẹ́ kí ẹ kà á dáadáa: wọ́n ní àwọn gbà á sí iṣẹ́ tí àyẹ̀wò bá jáde dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ wa níbí, èèyàn ti máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí àyẹ̀wò tó parí. Ó lè ti lo oṣù 3 tàbí 4 lórí àga, kó ti sanwó ilé tuntun nítòsí ibi iṣẹ́, kí èsì tó dé. Wọ́n tún fún un ní fọ́ọ̀mù kan. Fọ́ọ̀mù yẹn kì í gba "2019 sí 2024" o. Ọjọ́, oṣù àti ọdún ló ń béèrè. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ó buwọ́ lùwé pé òun gbà kí wọ́n wádìí òun, àti pé tí ohunkóhun tóun kọ bá jẹ́ irọ́, wọ́n lè dá òun dúró.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká jókòó ti ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò náà. Ẹ má rò pé ọlọ́pàá inú ni. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ́ kan ni tó jókòó sí iwájú kọ̀ǹpútà, tó ní fáìlì ogún láti parí kí ọ̀sẹ̀ tó tán. Kì í wojú ẹni, kì í gbọ́ àlàyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó ìwé méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó wo bóyá ọjọ́ inú wọn bára mu.

Ìwé àkọ́kọ́ tó mú ni ìwé ẹ̀rí NYSC. Ọjọ́ tí Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìsìnlú àti ọjọ́ tó parí wà lójú rẹ̀ gbangba. Ó wo fọ́ọ̀mù: Àdùkẹ́ ní òun ti jẹ́ máníjà láti oṣù Kìíní 2019. Ó padà wo ìwé ẹ̀rí: títí di oṣù Kẹsàn-án 2019, agùnbánirọ̀ ni. Báwo ni agùnbánirọ̀ ṣe ń ṣe máníjà ní ilé iṣẹ́ mìíràn ní àkókò kan náà? Kò tíì pe ẹnikẹ́ni, kò tíì kọ lẹ́tà kankan, àmì pupa ti wà lára fáìlì. Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ ló kó ìwé méjèèjì wá.

Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tí Àdùkẹ́ ti kúrò. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù pé ọ̀gá àtijọ́ á bà wọ́n jẹ́. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kì í sọ rere, wọn kì í sọ búburú. Ìbéèrè tó wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò ju mélòó kan lọ: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló kúrò, ipò wo ló wà kẹ́yìn, kí ló dé tó fi kúrò, ṣé ẹ máa tún gbà á tó bá padà wá? Ẹni tó dá a lóhùn ṣí fáìlì, ó kọ oṣù Kejì 2021, oṣù Kẹta 2024, akọ̀wé ìṣirò owó. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ ni, àwọn á tún gbà á. Ìyẹn ló dùn mí jù nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ẹ̀rí rere dé, ṣùgbọ́n ọdún 2 àti oṣù 1 tí kò sí níbì kankan ló bá a dé.

Ẹnì kan á ní, ṣebí nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi ni màá kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá mi. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kì í pe nọ́ńbà tí ẹ kọ. Nọ́ńbà tàbí ímeèlì ilé iṣẹ́ náà gan-an ló ń wá, á ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ pé ilé iṣẹ́ kékeré tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí lẹ kọ, á wá orúkọ rẹ̀ lórí ìkànnì CAC, níbi tí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ wà. Tí ẹ bá ní ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2016, tí CAC sì ní 2019 ni wọ́n forúkọ sílẹ̀, ẹ ti ní àlàyé láti ṣe.

Àlàyé ni mo sọ o, mi ò sọ ẹ̀bi, nítorí àyẹ̀wò náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ọ̀pọ̀ òwò ló ti ń lọ fún ọdún pípẹ́ kí olówò tó forúkọ sílẹ̀. Bákan náà ni ti owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2014 ní kí wọ́n máa yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó òṣìṣẹ́, kí ilé iṣẹ́ fi ìdá 10 lé e, nítorí náà àkọsílẹ̀ owó yẹn máa ń fi hàn lóṣooṣù ẹni tó ń san án. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá kan ń yọ ọ́, wọn kì í san án síbẹ̀. Nítorí náà, oṣù tó ṣófo níbẹ̀ kò fi hàn dájú pé èèyàn ò ṣiṣẹ́. Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ìwé ìgbàṣíṣẹ́ àti àkọsílẹ̀ báńkì tí owó oṣù ń wọ̀ sí lẹ máa fi gbèjà ara yín. Ẹ má da wọ́n nù.

Àwọn ńlá náà ti kó sí pańpẹ́ ọjọ́ yìí. Ẹ rántí Sàlísù Bùhárí, olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní 1999. Òfin ìgbà yẹn ní kí ẹni tó fẹ́ wọ ilé náà pé ọmọ 30 ọdún. 1970 ni wọ́n bí i, ó kọ 1963. Ó tún ní òun gboyè ní yunifásítì Toronto, kò sì gboyè níbẹ̀. Oṣù Keje ọdún náà ló fipò sílẹ̀, àwa náà sì sọ "Toronto" di orúkọ ìwé ẹ̀rí tí kò dájú títí dòní. Ti Scott Thompson tó di ọ̀gá àgbà Yahoo ní oṣù Kìíní 2012 tiẹ̀ tún kéré sí ìyẹn. Oyè ìṣirò owó tó gbà ní Stonehill College, òótọ́ ni, 1979 ló gbà á. Ṣùgbọ́n ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ fi ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kún un. Ilé iṣẹ́ kan tó ní ìpín nínú Yahoo wádìí, wọ́n ní 1983 ni ilé ẹ̀kọ́ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni ní oyè kọ̀ǹpútà. Kí oṣù Karùn-ún tó parí, ó ti kúrò.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àdùkẹ́. Ká ní èmi ni mo ń bá a kọ sífíì yẹn, mi ò ní fọwọ́ kan ọjọ́ kankan. Màá kọ "akọ̀wé ìṣirò owó, oṣù Kejì 2021 sí oṣù Kẹta 2024", bó ṣe wà nínú ìwé ìgbàṣíṣẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni màá ti sọ iṣẹ́ tó ṣe gan-an: òun ló ń fi àkọsílẹ̀ báńkì wé ìwé owó ilé iṣẹ́ lóṣooṣù, òun ló ń múra ìwé sílẹ̀ de àwọn ayẹ̀wéwò, ó kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan níṣẹ́ fún oṣù 6. Ìsìnlú máa dá dúró ní àyè tirẹ̀. Ọjà àǹtí náà máa wà níbẹ̀, nítorí ẹni tó ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sílẹ̀ tó sì ń gbà á, iṣẹ́ ìṣirò owó ló ń ṣe. Wọ́n lè má pè é o. Ọdún 3 kì í ṣe ọdún 5. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tí wọ́n kọ ọdún 5 sínú ìpolówó, tí wọ́n sì gba ẹni tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 3 tó sì mọ ohun tó ń ṣe.

Tí ẹ bá ti fi sífíì tí ẹ fà gùn ránṣẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣì láǹfààní díẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù yẹn. Ẹ kọ ímeèlì ṣókí sí ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ pé: "Ẹ jọ̀wọ́, mo rí i pé ọjọ́ àti ipò tó wà nínú sífíì tí mo fi ránṣẹ́ kò tọ̀nà, èyí tó tọ̀nà ni mo fi mọ́ ímeèlì yìí." Wọ́n lè tìtorí ẹ̀ má gbà yín mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń gbọ́ ọ nísinsìnyí tí ẹ kò tíì kọ̀wé fiṣẹ́ tí ẹ wà sílẹ̀, tí ẹ kò sì tíì san owó ilé tuntun.