Píìnì Tó Ń Ṣe Dáadáa Kìkì Nígbà Tí A Bá Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹyọ àbùkù kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bá yín tú palẹ̀ lónìí, nítorí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn pààrọ̀ ṣíìpù tí kò ní nǹkan kan ṣe. Ẹ ní kí píìnì méjì gbé iná jáde. Ọ̀kan gbé e, èkejì kọ̀. Ẹ so díbọ́gà, ohun èlò tó ń jẹ́ ká dá ètò dúró ká sì wo inú ṣíìpù, mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ ń tẹ ìtọ́ni náà lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, àwọn méjèèjì sì dáhùn. Ẹ yọ díbọ́gà kúrò, ó tún padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́.

Bọ́ọ̀dù tí a máa fi ṣe àpẹẹrẹ ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sínú táǹkì. PIC16F877A, ṣíìpù máíkírókọ́ńtírólà tó ń ṣe ètò wa, ló wà lórí rẹ̀, kírísítà rẹ̀ sì jẹ́ 20 MHz. RB0, ọ̀kan nínú píìnì mẹ́jọ tí wọ́n ń pè lápapọ̀ ní PORTB, lọ sínú ULN2003, èyí tó ń fa rílè tó ń tan ẹ̀rọ náà. RB1 gba inú rẹsísítọ̀ 470 Ω lọ sí iná LED tó ń sọ pé ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ya bọ́ọ̀dù náà tún so kàpásítọ̀ 10 nF láti RB0 tààrà sí ilẹ̀, kí ariwo rílè má baà yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi kàpásítọ̀ yẹn sọ́kàn. Ìtọ́ni méjì ló ń tan gbogbo rẹ̀, `bsf` ló ń gbé bíìtì kan sókè, `bcf` tí ẹ máa rí níwájú ló ń gbé e sílẹ̀:

```
    bsf  PORTB,0
    bsf  PORTB,1
```

Nígbà tí bọ́ọ̀dù bá ń sáré fúnra rẹ̀, LED tàn, rílè kò mira. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n pààrọ̀ rílè, kí wọ́n pààrọ̀ ULN2003, kí wọ́n wá pààrọ̀ ṣíìpù fúnra rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú wọn tó jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ibi ìdádúró, ìyẹn àmì tí a máa ń fi sórí ìlà kan kí ètò lè dúró níbẹ̀. Ẹyọ kan péré ni PIC16F877A gbà nínú ara rẹ̀, nítorí náà, ẹ ò lè gbìn ín káàkiri. Ẹ ní láti mọ ibi tí ẹ fẹ́ kó wà. Ohun kejì ni pé lórí ìdílé ṣíìpù yìí, ètò kì í dúró gan-an lórí ìlà tí ẹ fi àmì sí. Ó máa ń ṣe ìtọ́ni ìlà náà tán kó tó dúró, nítorí náà ìlà tó tẹ̀ lé e lẹ máa rí ọfà lórí rẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí á máa rò pé òun wà níwájú ìtọ́ni kan, nígbà tí ìtọ́ni náà ti kọjá.

Ẹ fi ibi ìdádúró sórí `bsf` kejì, kí ẹ jẹ́ kí ètò sáré débẹ̀. Ó ti ṣe ìtọ́ni méjèèjì tán kó tó dúró. Ẹ wo PORTB nínú fèrèsé Watch. Bíìtì méjì ìsàlẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ wò, torí RB6 àti RB7 ni díbọ́gà fi ń bá ṣíìpù sọ̀rọ̀, ohun tó bá wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín. Ẹ máa rí `10`: RB1 wà lókè, RB0 wà nílẹ̀. Àbùkù náà ti yọjú lábẹ́ díbọ́gà, ìyẹn sì dára púpọ̀.

Ẹ wá gbé ibi ìdádúró náà padà sórí `bsf` àkọ́kọ́. Ètò á dúró láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ wo Watch: `01`. Ẹ tẹ ìṣísẹ̀ kan péré, kí ẹ tún wò ó: `11`. Rílè dún, LED tàn.

Èmi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré kọjá ibí yìí. Ìtọ́ni kan náà ni, ṣíìpù kan náà ni, iná kan náà ni. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ ni ibi tí a ti dá a dúró, àbájáde sì yí padà. Bí ó bá jẹ́ pé ọgbọ́n inú ètò ló wọ́, ìdádúró kò ní tún un ṣe. Àkókò ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Láàárín ìtọ́ni méjì tí a tẹ̀ lọ́wọ́, ó kéré tán, ìdá kan nínú ìṣẹ́jú àáyá ti kọjá. Nígbà tó bá ń sáré, 200 ns péré ni ìtọ́ni kan, nítorí pé ìlù kílọ́ọ̀kì mẹ́rin ni ṣíìpù yìí ń lò fún ìtọ́ni kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan bi mí níbi ìjókòó wa pé ṣé simulétọ̀ inú MPLAB, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ètò PIC, kò lè fi èyí hàn. Kò lè fi hàn. Simulétọ̀ mọ ìtọ́ni, kò mọ kàpásítọ̀ tí ẹ so mọ́ ẹsẹ̀ ṣíìpù. Ní tirẹ̀, píìnì tí a bá ní kó gòkè ti gòkè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, `11` ni yóò sì máa fún yín títí.

Níbi tí díbọ́gà dé rèé tí kò lè lọ mọ́, torí pé dídúró tó ń dúró gan-an ló ń wo àìsàn náà sàn. A nílò ohun tó lè wo bọ́ọ̀dù bó ṣe ń sáré láì fọwọ́ kàn án, ìyẹn ni lọ́jìkì analáísà. Èyí tó rọrùn tí wọ́n ń tà, tó ní ojú mẹ́jọ, tó ń wọ USB, tó sì ń bá PulseView ṣiṣẹ́, tó wa fún iṣẹ́ yìí. Ó lè wo píìnì ní ìgbà mílíọ̀nù 24 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan ní nǹkan bí 42 ns. Ìtọ́ni wa kọ̀ọ̀kan á gba ìwò mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ẹ bá fi í sí 1 MHz láti fi àyè pamọ́, gbogbo ohun tí à ń wá á ṣẹlẹ̀ tán láàárín ìwò méjì, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan.

Wáyà ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ so. Ojú 0 lọ sí RB0, ojú 1 sí RB1, ojú 2 sí RD0. RD0 ni a máa fi ṣe àmì, kí a lè mọ ìgbà tí ìtọ́ni wa bẹ̀rẹ̀:

```
    bsf  PORTD,0
    bsf  PORTB,0
    bsf  PORTB,1
    bcf  PORTD,0
```

Ẹ kíyè sí i pé PORTD ni mo fi àmì sí, n kò fi í sí PORTB. Bí a bá fi í sí PORTB, àmì náà fúnra rẹ̀ á dá sí ọ̀rọ̀ tí à ń wádìí. Ẹ sọ fún analáísà kó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà sílẹ̀ nígbà tí RD0 bá gòkè.

Àwòrán tó jáde nìyí: RD0 gòkè, 400 ns lẹ́yìn rẹ̀, RB1 gòkè. RB0 wà nílẹ̀ gbalaja, kò tilẹ̀ mira. Ẹ wá fi `nop` mẹ́wàá sáàárín `bsf` méjèèjì ti PORTB, kí ẹ tún gbà á sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí RB0 gòkè, ṣùgbọ́n ó pẹ́: ìtọ́ni rẹ̀ ti parí ṣáájú kí ìlà náà tó gbéra. Ìpẹ́ yẹn lẹ̀rí wa. Bí ẹ bá ní osilosíkóòpù, ẹ lè padà sí ètò àkọ́kọ́ kí ẹ wo RB0: ẹ máa rí òkè kékeré kan tó ń gùn bọ̀ tó sì wó lulẹ̀ kó tó dé ibi kankan. Analáísà kò lè fi òkè yẹn hàn yín, torí odo àti ọ̀kan nìkan ló mọ̀.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? `bsf PORTB,1` kì í fọwọ́ kan bíìtì kan ṣoṣo. Ó máa ń ka píìnì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti PORTB, á yí bíìtì 1 padà, á sì kọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ padà síta. Ohun tó sì ń kà ni iná tó wà lórí píìnì ní àsìkò náà gan-an, kì í ṣe ohun tí ẹ ti ní kó wà níbẹ̀. Kí PORTB tó gbà pé píìnì kan jẹ́ ọ̀kan, iná orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó 2 V. Kàpásítọ̀ 10 nF nílò 20 nC kó tó dé 2 V. Bí píìnì bá tilẹ̀ lè tú 25 mA síta, tó jẹ́ òpin tí wọ́n fi lélẹ̀ fún un, 0.8 µs ni yóò gbà. Ìtọ́ni kejì sì ti ka píìnì kí 0.2 µs tó pé. Ó ka RB0 sí odo, ó sì fi òtítọ́ kọ odo padà sí i. Ìtọ́ni kejì ló pa ohun tí èkíní ṣe.

Ẹ̀yin tó ń fi C kọ ètò, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. `PORTBbits.RB0 = 1;` máa ń di `bsf` kan náà lọ́wọ́ kọ̀ǹpáílà.

Ibi méjì ni mo ti máa ń tún un ṣe. Lórí bọ́ọ̀dù, ẹ fi rẹsísítọ̀ 1 kΩ sáàárín RB0 àti kàpásítọ̀, kí píìnì lè gòkè ní tirẹ̀ láìdúró de kàpásítọ̀. Nínú ètò, ẹ ní ẹ̀dà PORTB nínú RAM, òun ni kẹ́ ẹ máa yí padà, kí ẹ sì kọ odidi rẹ̀ síta láìka píìnì rárá:

```
    bsf   eda,1
    movf  eda,W
    movwf PORTB
```

Lójú tèmi, ẹ ṣe méjèèjì, torí pé ẹni tó máa tún bọ́ọ̀dù yìí yà lọ́dún tó ń bọ̀ lè má mọ̀ nípa ètò yín. Lórí PIC18, ẹ ò nílò ẹ̀dà: LATB, tó ń rántí ohun tí ẹ kọ láìka píìnì, wà níbẹ̀ fún èyí, ẹ kàn kọ `bsf LATB,1`.

Gbogbo àbùkù tó jọ èyí kọ́ ni ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wò sàn. Bí ẹnì kan bá so LED mọ́ RB0 láìsí rẹsísítọ̀, LED náà lè fa iná orí píìnì sísàlẹ̀ 2 V, ibẹ̀ ni yóò sì wà títí. Bí ẹ bá tẹ ètò náà díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, RB0 á ṣì padà di odo. Bákan náà ni ti PORTA tí a kò tíì sọ di dígítà nínú ADCON1: píìnì tó ṣì wà ní ipò analọ́ọ̀gù máa ń kà sí odo nígbà gbogbo. Nítorí náà, bí àìsàn bá lọ lábẹ́ ìṣísẹ̀, ẹ wá kàpásítọ̀ tàbí wáyà gígùn. Bí kò bá lọ, ẹ wá ohun tó ń fa píìnì sílẹ̀, tàbí kí ẹ wo ADCON1.

Ó ku ibì kan tí ẹ̀dà inú RAM ti lè já yín kulẹ̀. Bí ìtọ́ni ìdálọ́wọ́kọ́, ìyẹn ìntárọ́ọ̀pù, náà bá ń yí `eda` padà, ó lè wọlé láàárín `movf` àti `movwf`. Á kọ ohun tuntun sí PORTB, á padà, `movwf` á sì kọ ti àtijọ́ bò ó. Ibi ìdádúró kò ní rí i, torí ó ṣòro kí ìdálọ́wọ́kọ́ bọ́ sí àárín gẹ́ẹ́ nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi analáísà sílẹ̀ kó máa wo píìnì tí ìdálọ́wọ́kọ́ ń gbé sókè fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ẹ wá ibi tó ti gòkè fún ìwọ̀nba ìtọ́ni díẹ̀ tó sì ṣubú láìjẹ́ pé ẹ ní kó ṣubú. Bí ẹ bá rí i, ẹ pa GIE, bíìtì tó ń gba gbogbo ìdálọ́wọ́kọ́ láàyè, kí `movf` tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tan án padà lẹ́yìn `movwf`.