Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Pépà Tí Ẹ Féèlì Múra Rísíìtì

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìlú Ọba. Ẹ ti béèrè fídíò yìí títí ó fi sú mi, ẹ gbà á lónìí. Pépà tó wà níwájú mi yìí, ẹni tó ni ín ló ní kí n lò ó. Máásítà lórí ìlera àwùjọ ló ń kà. Ó gba 42, 50 sì ni wọ́n fi ń yege. Máàkì 8 péré ló ń wá nínú rísíìtì, ìyẹn nígbà tó bá tún un ṣe.

Ìbéèrè ní kó gbé e yẹ̀ wò bóyá owó orí ohun mímu aláṣúgà ti dín ìsanrajù àwọn ọmọdé kù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Olùkọ́ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "O ṣàlàyé dáadáa, àmọ́ o ò gbé ẹ̀rí yẹ̀ wò." Ẹ wá gbọ́: ẹni yìí ti lọ wá ìwé tuntun rẹpẹtẹ tó máa tọ́ka sí! Ta ló ní ìwé ò tó? Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn. Wọ́n ní iyọ̀ ò sí lọ́bẹ̀, ẹ̀ ń fi ẹran kún un.

Ẹ gbé ìwé tí wọ́n fi pín máàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà náà. Wò ó: ìtúpalẹ̀ ló ní 40, ó gba 12 níbẹ̀. Ìtọ́kasí ní 10, ó gba 8. Ibo ni máàkì 8 ti máa wá?

Ó yá, bíró aláwọ̀ méjì. Ìlà tó bá kàn ń ròyìn, ẹ fa yẹ́lò sí i. Èyí tó bá dájọ́ lórí ẹ̀rí, gíríìnì. Ẹ wo ojú ìwé yìí, yẹ́lò láti òkè délẹ̀!

Ó kọ ọ́ pé owó orí náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2018, pé ohun mímu tó bá ní ṣúgà gíráàmù 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mìlílítà 100 ń san pẹ́ǹsì 24 lórí lítà kan nígbà náà. Òótọ́ ni. Kí la wá fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ ká fi èyí tẹ̀ lé e: "Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu ni wọ́n bu owó náà lé lórí, ìyẹn ló mú kí púpọ̀ nínú wọn dín ṣúgà kù. Ìwádìí kan ní 2023 rí i pé ìsanrajù dín kù láàrin àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 10 sí 11, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn ọmọkùnrin. A ò lè sọ pé ó ṣiṣẹ́ fún gbogbo ọmọ." Gíríìnì nìyẹn! Tó bá ṣe ìpínrọ̀ mẹ́ta báyìí, ó ti kúrò ní 12.

Ẹnìkan béèrè bóyá òun lè gba ìwé ìdánwò òun padà. Òfin dátà Ìlú Ọba ò fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdáhùn tí ẹ kọ, àmọ́ ó fún yín lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí olùkọ́ kọ nípa rẹ̀. Ìyẹn ni kí ẹ béèrè.

Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìbéèrè kan náà ni wọ́n tún fún yín o, àwọn yunifásítì kan máa ń yí i. Rísíìtì kì í sì í kọjá 50 ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ má torí 80 pa ara yín. Bátìrì mi ti ń pupa. Ó dàbọ̀.