Èsì tí gbogbo ayé ń kà: bí a ṣe ń dá oníbàárà tó fẹ̀sùn kàn wá lóhùn lábẹ́ ìpolówó

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ń ta ẹja ní Ẹ̀pẹ́)

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ wá láti ọjà Olúwo àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn oníṣòwò bójú tó péèjì wọn lórí Fesibúùkù. Púpọ̀ nínú yín ti mọ bí wọ́n ṣe ń sanwó kí ìpolówó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Àjàh, Ìkòròdú àti Ìkẹjà. Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í kọ́ wa ni ohun tí a ó ṣe nígbà tí oníbàárà tí inú ń bí bá wá kọ ẹ̀sùn sábẹ́ ìpolówó tí a fi owó ara wa gbé jáde. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ tú wò.

Ìyá kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ polówó ẹja àrọ̀ yíyan. Ìpolówó náà ń lọ dáadáa, àwọn èèyàn ń béèrè iye rẹ̀. Àfi bí obìnrin kan ṣe kọ eléyìí sábẹ́ rẹ̀: “Mo ra ẹja ₦20,000 lọ́wọ́ yín. Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi bu. Mo kọ̀wé sí yín lórí Wasáàpù, ẹ kà á, ẹ ò fèsì. Ẹ̀yin èèyàn, ẹ ṣọ́ra o.”

Kí a tó sọ̀rọ̀ èsì rárá, ẹ tún ọ̀rọ̀ yẹn kà. Ẹ̀sùn méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ẹja bu. Èkejì ni pé wọ́n ka ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn ò sì dá a lóhùn. Lójú tèmi, èkejì ló gbé e dé abẹ́ ìpolówó. Ká ní wọ́n ti dá a lóhùn lórí Wasáàpù ni, kò sí ìdí tí yóò fi wá bá wọn níta. Ọ̀pọ̀ èsì tí mo máa ń rí, ẹja nìkan ni wọ́n máa ń dáhùn, wọ́n á sì fi èyí tó ń dun èèyàn jù sílẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ kọ́kọ́ ka iye nǹkan tí ẹni náà sọ, kí èsì yín sì kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Èyí tí ìyá yẹn kọ́kọ́ kọ rèé, kí ó tó fi hàn mí: “Mà, ó ti pẹ́ tí a ti ń ta ẹja, kò sẹ́ni tó sọ irú èyí rí. Ẹ ò tọ́jú rẹ̀ dáadáa ni. Ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì.” Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé oníbàárà ò tọ́jú ẹja. Ṣùgbọ́n ní wákàtí yẹn, ìyá náà kò tíì rí ẹja ọ̀hún, kò tíì béèrè ọjọ́ tó dé, kò sì tíì yẹ èyí tó kù nílé wò. Ó ti dájọ́ kó tó gbọ́ ẹjọ́. “Kò sẹ́ni tó sọ irú èyí rí” sì ń pe obìnrin náà ní òpùrọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ní ti “ẹ wá sí ínbọ́ọ̀sì” tí kò ní àlàyé kankan, ohun tí àwọn tó ń kà á máa gbọ́ níbẹ̀ ni pé a fẹ́ fi ọ̀rọ̀ pamọ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Fesibúùkù fúnra rẹ̀ ni pé kì í ṣe bí kọ́mẹ́ǹtì ṣe wọlé ló ṣe máa ń tò ó. Kọ́mẹ́ǹtì tí àwọn èèyàn bá ń fèsì sí, tí wọ́n ń tẹ ìbínú tàbí ẹ̀rín sí, ló máa ń gbé sókè. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá bá oníbàárà jiyàn lábẹ́ ẹ̀sùn rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ń gbé ẹ̀sùn náà sókè, ẹ sì ń sanwó kí àwọn àlejò lè rí i. Èsì méjì péré ni mo máa ń fẹ́ kí oníṣòwò kọ sí gbangba: ọ̀kan nígbà tí ẹ̀sùn dé, ọ̀kan nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí. Gbogbo àríyànjiyàn tó bá wà láàárín méjèèjì, ìkọ̀kọ̀ ni kó wà.

Èsì àkọ́kọ́ tí a jọ kọ rèé:

“Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ẹja tó dé ọwọ́ yín rí bẹ́ẹ̀, ẹ sì má bínú pé a ka ọ̀rọ̀ yín lórí Wasáàpù láìfèsì. À ń yẹ èyí tó kù nínú ẹja tí a yan lọ́jọ́ kan náà wò lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ orúkọ péèjì wa lókè ìpolówó yìí, kí ẹ fi àwòrán ẹja náà àti ọjọ́ tó dé ọwọ́ yín ránṣẹ́ sí wa níbẹ̀. Bí a bá ti rí i, owó yín tàbí ẹja mìíràn, èyí tí ẹ bá fẹ́ la ó ṣe. A ó dá yín lóhùn kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní tó lù. A kò ní béèrè nọ́ńbà káàdì yín tàbí nọ́ńbà àṣírí tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí yín.”

Ẹ wò ó, wọ́n tọrọ gáfárà nítorí bí ẹja ṣe rí, wọn ò sọ ẹni tó jẹ̀bi. Wọn ò sọ pé ọlọ́kadà tó gbé e lọ ló bà á jẹ́, wọn ò sì sọ pé àwọn kò yan án gbẹ, nítorí pé wọn ò tíì mọ̀. Aago mẹ́fà tí wọ́n dá, aago tí wọ́n mọ̀ pé àwọn lè mú ṣẹ ni. Bí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀la ni àyè máa yọ fún yín, ẹ kọ ọ̀la. Ẹni tó ti bínú lẹ́ẹ̀kan nítorí àìdáhùn, tí ẹ bá tún já a kulẹ̀, kò ní sí ohun tí ẹ lè kọ mọ́ tí yóò gbà gbọ́.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Àwọn gbájúẹ̀ máa ń ṣọ́ abẹ́ ìpolówó. Bí wọ́n bá ti rí ẹni tó ń bínú nítorí owó rẹ̀, wọ́n á ṣí àkáǹtì tó ní orúkọ àti àwòrán yín, wọ́n á fèsì pé kí ó fi nọ́ńbà káàdì rẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn lè dá owó rẹ̀ padà. Owó rẹ̀ á lọ, yóò sì rò pé ẹ̀yin ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ó tẹ orúkọ péèjì lókè ìpolówó, tí a kò sọ nọ́ńbà fóònù tuntun kankan fún un. Ẹ máa padà wo abẹ́ ẹ̀sùn náà, bóyá ẹlòmíràn ti ń fèsì ní orúkọ yín. Bí ẹ bá rí i, ẹ pa èsì yẹn rẹ́, kí ẹ sì fẹjọ́ àkáǹtì náà sun Fesibúùkù.

Abẹ́ ẹ̀sùn gan-an ni kí ẹ ti tẹ Reply. Tí ẹ bá kọ ọ́ lọ́tọ̀, ẹni tó bínú lè má mọ̀ pé ẹ ti fèsì. Ẹ wo àwòrán kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìkọ̀wé náà pẹ̀lú: bí ó bá jẹ́ ojú yín ló wà níbẹ̀ dípò àwòrán péèjì, orúkọ ara yín lẹ fẹ́ fi fèsì yẹn.

Obìnrin náà fi àwòrán ránṣẹ́. Funfun ti bo ìrù àti abẹ́ ikùn ẹja, omi sì wà lára ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Ìyá náà tú ọ̀rá mìíràn tí wọ́n dì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, omi wà nínú tiẹ̀ náà. Ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ti di ẹja nígbà tó ṣì gbóná láti orí ààrò. Ooru tó jáde lára ẹja di omi sínú ọ̀rá, ọ̀rinrin yẹn ló sì mú un bu. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n dá ìpolówó dúró ná, kí wọ́n má baà tún ta nínú rẹ̀. Dídá ìpolówó dúró kò pa kọ́mẹ́ǹtì rẹ́, owó yín nìkan ló dẹ́kun lílọ.

Wọ́n dá owó obìnrin náà padà. Èsì kejì wá lọ báyìí: “Mà, a ti dá owó yín padà lónìí, ẹ ṣeun tí ẹ fi àwòrán ránṣẹ́. A rí i pé a di ẹja ọjọ́ yẹn kó tó tutù dáadáa. A ti kó èyí tó kù kúrò nílẹ̀. Ẹ̀yin mìíràn tí ẹ rà ní ọ̀sẹ̀ náà, bí ẹ bá rí omi nínú ọ̀rá yín, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹja yíyan tí ẹ kò bá ní jẹ láìpẹ́, inú fíríìsà ni kó wà.” Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ẹja wá wọlé níbí, gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ràn fún gbogbo èèyàn. Nínú èsì àkọ́kọ́, ẹ̀sùn ni ì bá jẹ́.

Ìyá náà fẹ́ fi àwòrán álẹ́ẹ̀tì báǹkì sí i, kí gbogbo ayé lè rí i pé wọ́n ti sanwó. Mo ní rárá. Orúkọ oníbàárà àti nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà lára rẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni aráàlú tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kò sì fọwọ́ sí kí a máa tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta láìgba àṣẹ onítọ̀hún. Bákan náà ni àdírẹ́sì ilé àti ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí Wasáàpù. Ẹ má sì sọ fún un pé kó pa ẹ̀sùn rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó sanwó. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018 ti fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ìwé “ọjà tí a bá ti tà, kò lábọ̀” tí a lẹ̀ mọ́ ìsọ̀ kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan bi mí pé ṣé a kò lè pa ẹ̀sùn rẹ́ nílẹ̀ kíá. Ẹ lè ṣe é, ṣùgbọ́n yóò padà wá kọ pé ẹ pa òun lẹ́nu mọ́, ọ̀rọ̀ ẹja yóò wá di ọ̀rọ̀ ìwà. Ti Hide náà kò bò tó bí ẹ ṣe rò: ẹni tó kọ ọ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ṣì máa rí i. Èébú, nọ́ńbà fóònù ẹlòmíràn, àti iṣẹ́ gbájúẹ̀ nìkan ni mo máa ń fi pamọ́ tàbí pa rẹ́. Ẹ má sì fi ọlọ́pàá halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ní 2023, obìnrin kan sọ lórí Fesibúùkù pé tòmátò kan dùn bíi ṣúgà, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́, àwọn tí kò gbọ́ orúkọ tòmátò náà rí wá mọ̀ ọ́n nítorí ẹjọ́ yẹn.

Bí ó bá wá jẹ́ ẹni tí kò ra nǹkan lọ́wọ́ yín rí ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wo ìwé ìtajà yín, nítorí pé orúkọ orí Fesibúùkù lè yàtọ̀ sí ti ẹni tó sanwó, ọkọ tàbí ọmọ ló lè fi owó ránṣẹ́. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: “A wá orúkọ yín nínú ìwé ìtajà wa, a kò rí i. Bóyá orúkọ mìíràn lẹ fi rà á. Ẹ fi ọjọ́ tí ẹ rà á àti orúkọ ẹni tó sanwó ránṣẹ́ sí péèjì wa, a ó wò ó lónìí.” Bí kò bá wá, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rajà yóò ka ẹ̀sùn, yóò ka èsì, yóò sì rí i pé ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín kò padà wá sọ nǹkan kan.