Ọjọ́ Tí O Máa Kọ́kọ́ Kí Àwọn Òbí Ọmọbìnrin Tí O Fẹ́ Fẹ́

Ẹ káàbọ̀ o. Ọ̀dọ́kùnrin kan là ń bá múra lónìí. Èkó ló ń gbé, Ìlá-Ọ̀ràngún ni ìlú bàbá rẹ̀, Ìbàdàn sì ni àwọn òbí ọmọbìnrin tó fẹ́ fi ṣaya ń gbé. Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ló máa kọ́kọ́ fojú kàn wọ́n. Kì í ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ o, nítorí ẹbí ló ń bá ẹbí pàdé nínú ìyẹn. Òun nìkan ló ń lọ, kí wọ́n lè rí ẹni tí ọmọ wọn ń bá rìn.

Bí ẹ bá bi í pé kí ló ti ṣe, á ní òun ti lọ aṣọ òun. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bùbá àti ṣòkòtò tó mọ́ ti tó, kò nílò agbádá. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe ni pé kó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀. Láyé ọjọ́un, alárinà ló máa ń ṣe ìwádìí láàárín ilé méjèèjì: ṣé kò sí àrùn kan tó ń jà nínú ìdílé yẹn, ṣé wọn kì í ṣe olè, ṣé kò sí pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Alárinà ti di ọ̀wọ́n báyìí, àmọ́ ìwádìí ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ ló ń fẹnu ara rẹ̀ ṣe é. Ìbéèrè tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde ni, “Ọmọ ibo ni ẹ́?”

Ọ̀dọ́kùnrin wa á ní, “Ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún ni mí, sà.” Bàbá á ní, “Agboolé wo?” Tó bá dá orúkọ agboolé wọn, ọ̀rọ̀ á máa lọ. Lẹ́yìn náà Bàbá á béèrè ìyá rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni ìyá rẹ̀, láti ìhà Ọjà-Ọba. Ẹ rí i, ibí gan-an ni Bàbá á ti sún síwájú lórí àga, nítorí ọmọ Ìbàdàn lòun náà. Bí agboolé ìyá ọmọkùnrin bá lọ jẹ́ agboolé tí Bàbá tàbí ìyá ọmọbìnrin ti wá, wọ́n lè jẹ́ ìbátan, kò sì sí ìgbéyàwó níbẹ̀ mọ́. Bí ọmọkùnrin bá wá ní “N ò mọ agboolé ìyá mi, sà,” ọ̀rọ̀ á dúró gbagidi. Kì í ṣe pé Bàbá ń bínú. Kò kàn lè fọkàn sí i láti máa bá ọ̀rọ̀ lọ ni.

Torí náà, kó béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ṣáájú: agboolé bàbá, agboolé ìyá, orúkọ bàbá àgbà níhà méjèèjì. Ìpè yẹn tún ní àǹfààní kejì, nítorí Màmá ọmọbìnrin náà lè bi í pé, “Ṣé àwọn òbí rẹ mọ̀ pé o wá síbí?” Ẹni tó bá ṣiyèméjì kó tó dáhùn ìyẹn, wọ́n á rò pé eré ló wá ṣe.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn àgbà ìgbà kan ò mọ̀, tó jẹ́ pé àwọn ìyá ló ń béèrè rẹ̀ báyìí: jẹnotáìpù. Bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bá jẹ́ AS, gbogbo oyún tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde máa bá jà. Kí àwọn méjèèjì ti ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó débẹ̀. Kò dáa kó jẹ́ iwájú Màmá ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ó ku ohun tí a máa gbé dání. Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń ru ẹrù lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin, ọjọ́ ìdána ni tiwọn, ẹbí ló sì máa gbé wọn lọ. Tó bá kó wọn dání lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yìí, á dà bí ẹni tó ń fi ipá fẹ́yàwó. Èso ló dáa: ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọsàn, bàrà olómi, pẹ̀lú búrẹ́dì tó gbóná díẹ̀. Ọtí ńkọ́? Ní ilé Mùsùlùmí, kó má dábàá rẹ̀. Kó bi ọmọbìnrin náà bóyá Bàbá ní àtọ̀gbẹ, kó lè mọ̀ bóyá kó fi ohun dídùn sílẹ̀. Tó bá débẹ̀, Màmá ni kó fún, ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ méjèèjì ni kó fi fún wọn, kó ní, “Ẹ gbà á, mà, kò tó nǹkan.” Kó má sọ iye tó rà á o.

Bó bá wọlé, kó gbé ẹrù sílẹ̀ ná, kó ṣí fìlà àti awò dúdú, kó tó dọ̀bálẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ gidi ni mò ń wí, àyà kan ilẹ̀. Èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe, kí wọ́n tẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ kan ilẹ̀, ìyẹn lè tó lójú pópó, kò tó lọ́jọ́ yìí. “Ẹ kú ilé, sà. Ẹ kú ilé, mà.” Kó wà nílẹ̀ títí wọ́n á fi ní kó dìde. Kó má na ọwọ́ sí Bàbá láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí Bàbá bá nawọ́, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó sì tẹ̀ ba. Kó má jókòó títí wọ́n á fi ní kó jókòó, kó sì yẹra fún àga tó kọjú sí tẹlifíṣàn gan-an. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ti Bàbá ni.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà wà níbẹ̀. Ní Èkó, “béébì” ló máa ń pe ọmọbìnrin yìí. Ní ilé, Àdùkẹ́ ni Màmá ń pè é. Kó ti béèrè orúkọ ilé rẹ̀ ṣáájú, orúkọ yẹn ni kó máa pè é. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà, kódà tó bá ju àwọn kan lọ nínú wọn, “ẹ” ni kó máa fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìwádìí, oúnjẹ á dé: àmàlà, ewédú àti gbẹ̀gìrì. “Mo ti yó” ò dáa, nítorí wọ́n lè rò pé ó ń fura sí wọn. Kó jẹun díẹ̀, kó fi ẹran sí ìkẹyìn. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ, kó béèrè bí Ìbàdàn ṣe rí nígbà tí Bàbá wà lọ́dọ̀ọ́, kó sì gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀rọ̀ òṣèlú, owó orí ìyàwó, ìyàtọ̀ ẹ̀sìn, kó má dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá dá a sílẹ̀, kó dáhùn ní ṣókí.

Tó bá tó wákàtí méjì, kó tọrọ ààyè. Bí wọ́n bá fún un lówó ọkọ̀, kó dúpẹ́, kó gbà á, kó má bá wọn jiyàn.

Ní ọjọ́ kejì, kó pe Màmá lórí fóònù, kó ní, “Ẹ kú àná, mà.” Ó ṣeé ṣe kí Màmá dáhùn pé, “Bàbá ní ìgbà wo ni àwọn òbí rẹ máa wá?” Kí ó ti mọ ohun tó máa sọ.