Ìdí tí bọ́ọ̀lù fi ń la ògiri kọjá nínú géèmù

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ọ̀lù kan. Láti àárín rẹ̀ dé etí jẹ́ mítà 0.1, ó sì ń sáré lọ sápá ọ̀tún ní mítà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ògiri tó wà níwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 10, ó parí sí 10.1. Bí a kò bá fọwọ́ kan ètò Unity, ẹ́ńjìnnì tí a fi ń kọ géèmù, ìṣẹ́jú àáyá 0.02 ló wà láàárín ìṣirò kan sí èkejì. Èyí ni pé mítà 1.2 ni bọ́ọ̀lù wa ń fò lẹ́ẹ̀kan.

Kọ̀ńpútà kì í wo ojú ọ̀nà, ibi tí nǹkan balẹ̀ sí nìkan ló ń wò. Ká ní àárín bọ́ọ̀lù wà ní 9.5, iwájú rẹ̀ dé 9.6, kò tíì kan ògiri. Nígbà tó bá tún fò, àárín rẹ̀ á wà ní 10.7, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì wà ní 10.6. Ó ti kọjá. A bi kọ̀ńpútà lẹ́ẹ̀mejì bóyá wọ́n kanra, ó ní rárá lẹ́ẹ̀mejèèjì, kò sì parọ́.

Ohun tó ń da àwọn tó ń kọ géèmù láàmú ni pé nígbà mìíràn ògiri á mú un. Ibi tí àárín bọ́ọ̀lù lè wà tí wọ́n á fi kanra kò ju mítà 0.3 lọ, láti 9.9 sí 10.2. Ìdá kan nínú mẹ́rin 1.2 nìyẹn, nítorí náà nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin ni a óò rí i mú. Bí bọ́ọ̀lù kan náà bá ń kọjá níbì kan tó sì ń ta padà níbòmíràn, ẹ má ṣe fura sí ògiri. Ìwọ̀n ìfò rẹ̀ ni kí ẹ ṣírò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á gé ìfò náà sí wẹ́wẹ́. Bí a bá pín in sí márùn-ún, ó di 0.24, a ó sì rí bọ́ọ̀lù mú dájú. Àmọ́ rírí i mú kò tíì tó. Bí àárín rẹ̀ bá ti kọjá àárín ògiri, ìyẹn 10.05, ọ̀nà tó kúrú jù ni ẹ́ńjìnnì máa ń gbà tì í jáde, ẹ̀yìn ògiri ló sì máa bọ́ sí. Pípín in sí mẹ́wàá ló fọkàn ẹni balẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan yòókù nínú géèmù ló máa jẹ gbèsè ìṣirò náà.

Ohun tí èmi fara mọ́ ni pé ká béèrè ìgbà tí wọ́n máa kanra. `x0` ni ibi tí àárín bọ́ọ̀lù wà kó tó fò, `x1` ni ibi tó fẹ́ balẹ̀ sí, `t` sì ni ìdá ìfò náà tó ti lọ nígbà tí wọ́n kanra:

```
t = (10 - 0.1 - x0) / (x1 - x0)
if 0 <= t <= 1:
    x = x0 + t * (x1 - x0) - 0.001
```

Fún bọ́ọ̀lù wa, 0.4 pín sí 1.2 fún wa ní ìdá kan nínú mẹ́ta. A dá a dúró ní 9.9, a yí ìrìn rẹ̀ padà, a sì fi ìdá méjì tó kù rìn ín padà sí nǹkan bí 9.1. A yọ 0.001 kúrò kí àṣìṣe kékeré inú ìṣirò má baà fi bọ́ọ̀lù sínú ògiri.

Nínú Unity, `CollisionDetectionMode.Continuous` ń ṣe irú iṣẹ́ yìí fún ògiri tí kì í rìn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é fúnra rẹ̀, kó lo `Physics.SphereCast`, nítorí `Raycast` kò mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ní etí, yóò sì jẹ́ kó fi ara gé igun ògiri. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń fi `transform.position` gbé bọ́ọ̀lù náà, `Continuous` kò lè gbà yín: ẹ kò jẹ́ kó rìn, ńṣe lẹ gbé e kọjá.