Àkàbà rẹ̀sítọ̀ mẹ́rin: ìdí tí AD − BC = 1 kò fi tó ẹ̀rí

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo wáyà méjì tó nà lọ gbọọrọ, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Láti ẹnu kìíní, a gba inú rẹ̀sítọ̀ kílóóòmù 1 kọjá lórí wáyà òkè. Lẹ́yìn rẹ̀, rẹ̀sítọ̀ kílóóòmù 2 dábùú láti òkè sí ìsàlẹ̀. A tún irú rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, a sì dé ẹnu kejì. Àkàbà ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn tó dábùú yẹn dà bí ibi tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́rin, A, B, C àti D, ló lè sọ gbogbo ìwà àkàbà yìí fún wa, láìtún yẹ inú rẹ̀ wò. V ni fólítéèjì, I ni kọ́rẹ́ǹtì, 1 àti 2 sì ń tọ́ka sí ẹnu kìíní àti ìkejì:

```
V1 = A·V2 + B·I2
I1 = C·V2 + D·I2
```

Ẹ ṣàkíyèsí pé I2 ń jáde ní ẹnu kejì. Ẹni tó bá kọ ọ́ bíi pé ó ń wọlé, àmì B àti D rẹ̀ yóò yí padà.

Èmi máa ń fi kílóóòmù, mílíáńpù àti fólítì ṣírò, kí òdo má baà pọ̀ jù. Rẹ̀sítọ̀ tó wà lójú ọ̀nà ń dín fólítéèjì kù, àmọ́ kọ́rẹ́ǹtì tó wọ inú rẹ̀ náà ló ń jáde. Èyí tó dábùú kì í fọwọ́ kan fólítéèjì, kọ́rẹ́ǹtì ló ń bù mu. Mátíríìsì wọn nìyí, a sì ń tò wọ́n láti ẹnu kìíní lọ sí ìkejì:

```
[1 1; 0 1] × [1 0; 0.5 1] = [1.5 1; 0.5 1]
[1.5 1; 0.5 1]² = [2.75 2.5; 1.25 1.5]
```

Nítorí náà, A = 2.75, B = 2.5, C = 1.25, D = 1.5. Ohun tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe tẹ̀lé e láti yẹ iṣẹ́ wọn wò ni AD − BC, tó yẹ kó jẹ́ 1: 4.125 − 3.125, ó jẹ́ 1. Wọ́n á fa ìlà sí i lábẹ́, wọ́n á pa ìwé dé.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń bá wọn jà. Mo ti gba iṣẹ́ ẹnì kan rí tó fi èyí tó dábùú ṣáájú èyí tó wà lójú ọ̀nà. A tirẹ̀ jẹ́ 1.5, D jẹ́ 2.75. AD − BC tirẹ̀ náà sì jẹ́ 1! Mátíríìsì kọ̀ọ̀kan ló ti ní 1 tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹ bá sì sọ wọ́n di púpọ̀ pẹ̀lú ara wọn, 1 náà ni. Ìdánwò yìí ń mú àṣìṣe ìsodipúpọ̀, ó sì ń mú I2 tí a kọ sódì, torí −1 ni yóò bọ́ sí. Kò lè mú àkàbà tí a gbé dojú kodò.

Mítà ló lè mú un. Ẹ yọ bátìrì kúrò, kí ẹ sì wọn óòmù lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní ẹnu kìíní, tí ẹnu kejì bá ṣí sílẹ̀, A/C ni yóò hàn: 2.2. Ẹ wò ó láìlo mátíríìsì: 2 àti 1 tó wà lẹ́yìn jẹ́ 3, 3 párálẹ́ẹ̀lì 2 jẹ́ 1.2, fi 1 kún un. Ọ̀gbẹ́ni tó tò ó sódì yóò máa retí 1.2. Tí a bá fi wáyà di ẹnu kejì, tí òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ so pọ̀, B/D ni, 1.67. Ní ẹnu kejì, tí ẹnu kìíní bá ṣí, D/C ni, 1.2; tí a bá dì í, B/A ni, 0.91. Bí òrùka aláwọ̀ tó kẹ́yìn lára rẹ̀sítọ̀ bá jẹ́ àwọ̀ wúrà, ẹ fàyè gba ìdá 5 nínú 100.

Ẹ wá pín ti ṣíṣí sí ti dídì: 2.2/1.67 jẹ́ 1.32, 1.2/0.91 náà jẹ́ 1.32. Ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Bí ẹ bá rí 1.2 àti 1.2 ní ẹnu kejì, wáyà tí ẹ fi di ẹnu kìíní kò kan ara wọn dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìpín yìí náà kì í mú rẹ̀sítọ̀ tí kì í ṣe èyí tó yẹ. Pupa-dúdú-pupa ni kílóóòmù 2, pupa-dúdú-ọsàn ni 20, ojú sì máa ń tan ni lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀. Bí 20 bá bọ́ sí ibi tó dábùú kẹ́yìn, mítà yóò ka 2.83, 1.67, 2.61 àti 1.54. Ìpín méjèèjì jẹ́ 1.70, wọ́n bára mu. Ẹ wá fi wọ́n wé nọ́ńbà tiwa: mẹ́ta ti yí padà, 1.67 nìkan ni kò yẹ̀. Èyí tí a wọ̀n nígbà tí wáyà di ẹnu kejì ni, wáyà náà sì gbá gbogbo agbára rẹ̀sítọ̀ tó kẹ́yìn mọ́lẹ̀. Rẹ̀sítọ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ tú.