Bí a ṣe ń fojú díwọ̀n bándì àròkọ IELTS

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa. Púpọ̀ nínú yín ló ń wá 6.5 nínú abala ìwé kíkọ, torí iye tí NMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń béèrè nìyẹn. Nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 7 ni wọ́n fẹ́. Iṣẹ́ kejì nínú ìwé kíkọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ìyẹn àròkọ tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 250 ọ̀rọ̀. Ìlọ́po méjì iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni máàkì tó wà lórí rẹ̀.

Ẹni tó ń máàkì kì í ka àròkọ tán kó wá já nọ́ńbà kan lulẹ̀. Mẹ́rin ló ń kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 sí 9: bí ẹ ṣe dáhùn ìbéèrè, bí ẹ ṣe to èrò tí ẹ sì so wọ́n pọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹ mọ̀ ọ́n lò, àti gírámà. Ìwọ̀n kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn.

Mo hun àròkọ kan fún ìjókòó wa yìí, bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ ọ́. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé kí ìjọba náwó sórí dídènà àìsàn ju wíwo aláìsàn lọ. Báwo ni ẹ ṣe gbà á tó? Ìpínrọ̀ mẹ́rin ló ní, ó sì lé díẹ̀ ní 270 ọ̀rọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ bẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ní apá méjì. Ó yin abẹ́rẹ́ àjẹsára nínú ìpínrọ̀ kejì, ó yin ilé ìwòsàn nínú ìkẹta, ìgbà tó wá dé ìparí ló tó sọ pé òun fara mọ́ dídènà.

Ibí ni ìdáhùn ìbéèrè ti fà sẹ́yìn. Wọ́n bi í bó ṣe gbà á tó, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ ṣáájú ìlà mélòó kan tó kẹ́yìn. Ohun tó sọ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára kò ju pé ó ń gba ẹ̀mí là. Ta ni ó ń gbà là, báwo ló sì ṣe ń dín owó ìtọ́jú kù? Kò sọ. Èrò rẹ̀ bá ìbéèrè mu, àmọ́ kò fẹ̀ ẹ́ lójú: 6. Ká ní ó ti dúró síbì kan láti ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, tí ìpínrọ̀ kẹta sì ń ṣàlàyé ìdí tí ilé ìwòsàn fi wúlò síbẹ̀ tí kò yẹ kó gba owó tó pọ̀ jù, à bá máa sọ̀rọ̀ 7.

Ní ti ìtòlẹ́sẹẹsẹ, ìpínrọ̀ rẹ̀ dáa, kókó kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbólóhùn márùn-ún tó tẹ̀ léra wọn ló fi ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ bẹ̀rẹ̀: lákọ̀ọ́kọ́, síwájú sí i, pẹ̀lúpẹ̀lù, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ tún un kà. Bí ìtumọ̀ kò bá yí padà, a jẹ́ pé ẹrù lásán ni wọ́n. Ìsopọ̀ tó dà bí iṣẹ́ ẹ̀rọ báyìí kì í kọjá 6. (Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ní ọ̀pọ̀ lẹ́sìnnì nìyí o!)

Ọ̀rọ̀ ìlò ni agbára rẹ̀. Ó mọ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń pe àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ àti àyẹ̀wò ìṣáájú, ó sì lo ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó máa ń bá a rìn. Ó ṣi ọ̀rọ̀ méjì kọ, kò ṣèdíwọ́ fún ìtumọ̀. Mo fún un ní 7.

Gírámà ńkọ́? Àwọn gbólóhùn oníbọ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ó ń gbàgbé s tó yẹ kó wà lára ọ̀rọ̀-ìṣe nígbà tí olùwà bá jẹ́ ẹyọ kan, ó sì tún lọ fi s sára ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìsọfúnni, èyí tí kì í gbà á. Ẹ fi bírò fàlà sábẹ́ gbólóhùn tí kò ní àṣìṣe kankan. Fún 7, irú wọn gbọ́dọ̀ pọ̀ dáadáa. Nínú tirẹ̀, wọn ò tó ìdajì. 6.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: 6, 6, 7 àti 6 jẹ́ 25. Ẹ pín in sí mẹ́rin, 6.25. Nọ́ńbà kan péré ló kù kó di 26, kí àròkọ yìí sì kan 6.5. Níbo ni yóò ti rí i? Àwọn kan á ní kó lọ há ọ̀rọ̀ ńláńlá sórí. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀: ibi tó ti ní 7 ni wọ́n ń rán an lọ, ọ̀nà àti 7 dé 8 sì jìn. Gírámà náà kì í tètè yí padà. Ìdáhùn ìbéèrè ló yá jù, torí pé ìdúró rẹ̀ ló máa gbé wá síwájú, á sì fi àlàyé tó jinlẹ̀ gbe abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ìfojúdíwọ̀n ni èyí ṣá o, ẹlòmíì lè fi nọ́ńbà kan yàtọ̀ sí tèmi níbì kan. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ṣì máa wọ inú ìṣirò kí bándì ìwé kíkọ tó jáde, nítorí náà bí èyí bá kan 6.5 gẹ́lẹ́, tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì jẹ́ 5, ó ṣeé ṣe kí 6.5 tí NMC ń béèrè ṣì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.